Ọjọ́ Wo Ni Ẹrù Yóò Kúrò? Ohun Tó Yẹ Kí Ahunṣọ Ìsẹ́yìn Kọ Sí Oníbàárà Bí Iṣẹ́ Bá Pẹ́

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn kò gùn. Bí iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà kò bá lè parí lọ́jọ́ tí a dá, kí ni ká kọ sí i, ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn àti ní Yorùbá, tí yóò fi mọ ìgbà tí ẹrù rẹ̀ yóò kúrò lọ́wọ́ wa? Èrò mi ni pé ọjọ́ tuntun ni kókó irú ìwé bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun yòókù ń tẹ̀lé e ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi agbára ìwé sórí ẹ̀bẹ̀. A ó tọrọ gáfárà, a ó fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, a ó ṣàlàyé ìyà tó jẹ wá, nígbà tó bá wá kan ọjọ́, a ó ní “láìpẹ́” tàbí “lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí”. Mo fẹ́ fi hàn yín pé inú iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ la ti ń ṣírò ọjọ́ tuntun, pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà nínú èdè méjèèjì, àti pé ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ oníbàárà kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé.

Aṣọ òkè ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ìsẹ́yìn, àti nítorí pé iṣẹ́ tó rọrùn láti pẹ́ ni. Ọwọ́ là ń fi hun ún, bààrà tóóró tóóró ni, a ó sì tún wá rán an pọ̀ kó tó di gèlè tàbí ìpèlé. Òwú tí a ta lọ gbọọrọ níwájú ahunṣọ, tí òkúta tẹ ìkángun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbangba, kì í fẹ́ kí òjò bá òun. Bí òjò bá ti ṣú, a ó ká a wọlé, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á gbẹ, òwú á máa já, ahunṣọ á sì máa so ó ju bó ṣe ń ju ọ̀kọ̀ lọ. Púpọ̀ nínú òwú tí à ń lò lónìí kì í ṣe èyí tí a gbìn lóko wa, Èkó la ti ń rà á. Tó bá tán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kò sí ohun tí ahunṣọ lè fi dípò. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. Ohun tí a óò yẹ̀ wò lónìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ahunṣọ ti mọ̀ pé iṣẹ́ yóò pẹ́ àti ọjọ́ tí oníbàárà gbọ́. Nínú àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí oníbàárà ń fi ọjọ́ ṣe. Ẹni tó ń ra aṣọ òkè kì í sábà rà á fún ara rẹ̀ nìkan. Ìnáwó ló wà níwájú rẹ̀, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà tàbí oyè jíjẹ, ìnáwó kì í sì í dúró de òfì. Ó ti gbowó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àti ẹbí, olúkúlùkù wọn ló sì ń bi í léèrè. Ó lè jẹ́ pé télọ̀ ń dúró láti rán bùbá tí yóò bá gèlè náà mu. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni oníbàárà yóò fi ìwé wa hàn, lórí Wáàsáàpù lọ́pọ̀ ìgbà, tí yóò kàn tì í síwájú fún wọn bó ṣe rí. Bí ìwé náà bá kún fún ẹ̀bẹ̀ tí kò sí ọjọ́ nínú rẹ̀, kò sí ohun tí oníbàárà lè fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá wà níbẹ̀, kódà bí ọjọ́ ọ̀hún kò bá dùn mọ́ ọn, ó lè sún télọ̀ síwájú, ó lè sọ fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fara balẹ̀, ó sì lè pinnu pé kò ṣeé ṣe mọ́, kó wá gèlè mìíràn kí àkókò tó lọ. Ohun tí àwọn tó wà lọ́hùn-ún yìí ń kà ló sì jẹ́ kí èdè méjì pọn dandan. Ìyá ìyàwó lè gbọ́ Yorùbá yéké, kí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìn, tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn akẹ́rù, má lè ka ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Àwọn òfin kan wà tó ti rò ó báyìí tipẹ́, ó sì yẹ ká wo ohun tí wọ́n rí. Ní 1975, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó okòwò ṣe òfin kan fún àwọn tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò rí sójú. Látorí lẹ́tà ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé orí tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó sọ ni pé bí olùtajà kò bá lè fi ọjà ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó dá, kó sọ ọjọ́ tuntun fún oníbàárà, kó sì fún un láyè láti gba owó rẹ̀ padà. Bí ọjọ́ tuntun kò bá ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ sí ti àkọ́kọ́, tí oníbàárà kò sì fèsì, a ó kà á sí pé ó gbà. Ṣùgbọ́n bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí olùtajà kò lè dá ọjọ́ rárá, tàbí ó tún fẹ́ sún un lẹ́ẹ̀kejì, ìdákẹ́jẹ́ oníbàárà kò tó mọ́, àfi kó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí olùtajà dá owó padà. Mi ò sọ pé òfin yìí de ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Mo mú un wá nítorí ìyàtọ̀ tó là sílẹ̀: ẹni tó ní ọjọ́ tuntun lọ́wọ́ rí àánú gbà, ẹni tí kò ní i ni òfin le mọ́. Nílé níbí, Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe sọ pé ẹni tó gba iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá sì wà, oníbàárà ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n sọ fún un lásìkò. Òfin náà mọ̀ pé iṣẹ́ lè pẹ́. Kò kàn fara mọ́ ọn kí oníbàárà máa gbọ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ìyá ìyàwó kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí ahunṣọ Ìsẹ́yìn kan hun ọgbọ̀n gèlè, pupa tó ní ìlà wúrà. Ìgbéyàwó jẹ́ Sátidé, ọjọ́ 4 oṣù Òkítóbà 2025. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé ẹrù yóò kúrò l'Ékòó ní Fúráìdé, ọjọ́ 5 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ahunṣọ mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tó fi máa di òpin oṣù Ògọ́sì, gèlè méjìdínlógún ti parí, wọ́n ti rán wọn pọ̀, ṣùgbọ́n òwú pupa tán. Ẹni tó ń tà á l'Ékòó ní òun ní pupa mìíràn nílẹ̀, pé èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ yóò tó dé ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ 4 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ahunṣọ ní kí wọ́n fi díẹ̀ nínú pupa mìíràn yẹn ránṣẹ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ lọ́sàn-án gangan, níta, kì í ṣe lábẹ́ iná inú yàrá. Ó rí i pé ọ̀kan pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, èkejì fà sí àwọ̀ osùn. Òwú tí wọn kò bá rẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í sábà bára mu délẹ̀. Bó bá hun ún bẹ́ẹ̀, tí ọgbọ̀n obìnrin bá dúró pa pọ̀ láti yàwòrán, ẹnikẹ́ni tó bá wò wọ́n yóò mọ̀ pé méjìlá nínú wọn yàtọ̀. Ló bá pinnu láti dúró de òwú tó bára mu. Mọ́ńdè, ọjọ́ 1 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ló ṣe ìpinnu yìí, ọjọ́ yẹn náà ló sì yẹ kó kọ̀wé.

Kó tó mú fóònù, kó kọ́kọ́ ṣírò. Òwú yóò dé ní Tọ́sìdeè. Fúráìdé àti Sátidé ni wọn yóò fi ká òwú, tí wọn yóò fi ta á, tí wọn yóò sì gbé e lé òfì. Gèlè méjìlá ló kù. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè hun òṣùwọ̀n gèlè kan lóòjọ́ bí òjò kò bá rọ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni wọn yóò fi hun ún, láti Mọ́ńdè ọjọ́ 8 dé Tọ́sìdeè ọjọ́ 11. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí wọn a ṣírò bí ẹni pé òjò kò sí. Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà wà lára àwọn oṣù tí òjò ń pọ̀ jù ní Òkè-Ògùn. Kí ahunṣọ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún òjò, Fúráìdé ọjọ́ 12 àti Sátidé ọjọ́ 13. Mọ́ńdè àti Túsìdeè ni wọn yóò fi rán bààrà pọ̀, tí wọn yóò gé òwú tó yọ, tí wọn yóò sì ká gèlè. Wẹ́síìdeè ọjọ́ 17 ni ẹrù yóò gba Ìbàdàn lọ sí Èkó. Ó lè kúrò l'Ékòó ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ 18. Ọjọ́ tuntun náà nìyẹn. Kò sí ibi tí ahunṣọ ti méfò nínú ìṣirò yìí, bí oníbàárà bá sì bi í pé “Kí ló dé tí kì í ṣe ọjọ́ 12?”, ó lè kà á fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹrù yóò kúrò nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí yóò dé. Ọwọ́ ahunṣọ ni àkọ́kọ́ wà, ọwọ́ àwọn akẹ́rù àti àwọn aṣọ́bodè ni èkejì wà. Bó bá da méjèèjì pọ̀, tó kàn kọ “ọjọ́ 18”, ìyá ìyàwó yóò jókòó sílé lọ́jọ́ 18, yóò máa retí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà, kó kọ méjèèjì, kó sì sọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù sọ fún un pé ẹrù kì í ju ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ lọ kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Kó kọ Mọ́ńdè, ọjọ́ 29, kó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ akẹ́rù ni. Láti Mọ́ńdè yẹn sí Sátidé ìgbéyàwó kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Àyè náà há, oníbàárà ló sì yẹ kó pinnu bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀ tàbí kò gbà. Àwa kọ́ ló yẹ ká pinnu fún un nípa dídákẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè rí báyìí:

“Good morning, Ma. Your 30 gele will not leave Lagos on Friday 5 September. The new date is Thursday 18 September 2025. The carrier says they will reach London by Monday 29 September. Our red thread finished. The shop had another red, but the colour was not the same, so we are waiting for the right one. 18 gele are ready. 12 remain. You can wait for all 30. Or we can send 18 this Friday and the 12 later, and we will pay for the second trip. Or we can return your money for the 12. Please tell us by Wednesday 3 September. We are sorry.”

Ẹ ṣàkíyèsí bí àwọn gbólóhùn náà ṣe kúrú tó. Ọmọ tó wà ní ìwé kẹta ní girama lè kọ ọ́, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àbínibí rẹ̀ náà lè kà á kó yé e. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì ilé-ẹjọ́ nínú rẹ̀, irú èyí tó ń sọ pé àwọn ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, tí kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tuntun tẹ̀ léra gbọ́ọ́gbọ́ lókè, torí pé ara ohun tí ẹni tó ń wo fóònù kọ́kọ́ ń rí nìyẹn kó tó ṣí ìwé tán. Ìdí tó fi pẹ́ gba gbólóhùn méjì péré, ó sì jẹ́ ìdí tí oníbàárà lè yẹ̀ wò: bó bá fẹ́, kó ní kí wọ́n ya àwòrán òwú méjèèjì ránṣẹ́ sí òun. Ọjọ́ tó yẹ kó fèsì náà kò ṣàdédé wà níbẹ̀. Bó bá fẹ́ kí méjìdínlógún kọ́kọ́ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ní Wẹ́síìdeè kí ẹrù náà tó lè bá ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò. Bó bá sì fẹ́ gba owó méjìlá padà, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gba òwú Tọ́sìdeè. Ọ̀rọ̀ owó tí mo fi síbẹ̀ wúwo, mo sì mọ̀ pé owó àsansílẹ̀ sábà máa ń ti wọnú òwú. Ẹni tí kò bá ní owó náà nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Kó kọ ọ̀nà méjì tó lè ṣe, kó má sì ṣe kọ ẹ̀kẹta kó lè dùn létí.

Yorùbá rẹ̀ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìmúra ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láṣeyọrí. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ̀n gèlè yín kò ní lè kúrò l'Ékòó ní Fúráìdé, ọjọ́ 5 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ọjọ́ tuntun ni Tọ́sìdeè, ọjọ́ 18 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2025. Àwọn akẹ́rù ní ó pẹ́ tán, yóò dé Lọ́ńdọ̀nù ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 29 oṣù náà. Òwú pupa ló tán. Wọ́n ní pupa mìíràn nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àkọ́kọ́ mu, ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró de èyí tó bá a mu. Gèlè 18 ti parí, ó ku 12. Ẹ lè dúró gba gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tàbí ká fi 18 ránṣẹ́ ní Fúráìdé yìí, kí 12 tẹ̀ lé e, àwa la ó san owó ìfiránṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tàbí ká dá owó 12 padà fún yín. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ èyí tí ẹ bá fẹ́, ó pẹ́ tán ní Wẹ́síìdeè, ọjọ́ 3. Ẹ má bínú sí wa.”

Yorùbá yìí gùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ díẹ̀, ó sì yẹ kó gùn. Kò sí bí ọmọ ọkùnrin Ìsẹ́yìn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé sí ẹni tó tó ìyá rẹ̀ láìkí i kú ìmúra ìnáwó, kí ìyá náà má rò pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Ìkíni lè yàtọ̀ láàárín èdè méjì. Ọjọ́, iye gèlè àti ọ̀nà tí oníbàárà lè gbà ni kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ rárá. Mo fẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí pé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kì í ka ọjọ́ bákan náà. Bí a bá wà ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 1, tí a ní “ọjọ́ mẹ́jọ òní”, Mọ́ńdè ọjọ́ 8 la ní lọ́kàn, torí òní wà lára ohun tí a kà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ka ọjà ọlọ́rọọrún: ọjọ́ ọjà tó kọjá wà nínú márùn-ún náà. Ẹni tó ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì kì í ka òní mọ́ ọn. Bó bá gbọ́ ọjọ́ mẹ́jọ, Túsìdeè ọjọ́ 9 ni yóò máa retí. Nínú àpẹẹrẹ wa, láti ọjọ́ 5 dé ọjọ́ 18 jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́nu ìyá ìyàwó, ó sì jẹ́ mẹ́tàlá lójú ọmọ rẹ̀. Bí a bá kọ “ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá sí i” nínú ìwé méjèèjì, ìyá àti ọmọ yóò máa retí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá sì rò pé ọjọ́ ti kọjá yóò bínú láìsí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi kọ iye ọjọ́ sínú ìwé náà rárá. Ohun tí àwọn kan ń pè ní “nẹ́kìsì tumọ́rò” fún ọ̀túnla nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa náà wà nínú ewu yìí, torí ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ ọ rí, ó sì lè rò pé ọ̀la ni.

Nọ́ńbà nìkan náà kò tó. Bí a bá kọ 5/9/2025, ará Lọ́ńdọ̀nù yóò kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ará Húsítìn yóò kà á sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Mèé, torí Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Kí a fi lẹ́tà kọ oṣù. Kí a sì fi orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tì í, nítorí pé bí ìka bá ṣìnà tó tẹ 19 dípò 18, orúkọ Tọ́sìdeè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ kí oníbàárà tètè bi wá pé èwo ni ká mú. Ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ kan yìí ní ju orúkọ kan lọ, Ọjọ́bọ̀ fún àwọn kan, Àlàmísì fún àwọn Mùsùlùmí wa, Tọ́sìdeè fún àwọn tó kù. Ẹ lo èyí tí oníbàárà yín ń lò, ó ṣáà gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e mu.

Àwọn kan yóò ní ènìyàn kò mọ ọ̀la, pé ẹni tó ń dá ọjọ́ pàtó bẹ́ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé òun ni Ọlọ́run. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì rò pé ó tako ohun tí mo ń sọ. “Lágbára Ọlọ́run” lè wà nínú ìwé, ó sì dára kó wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kó wà níbẹ̀ dípò ọjọ́. Ẹni tó bá dá ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí wọn yóò wọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí kò jẹ́ aláìgbàgbọ́, ẹni tí yóò bá a hun gèlè náà lè dá ọjọ́ tiẹ̀. Ọjọ́ méjì tí a yà sọ́tọ̀ fún òjò ni a fi gbà pé ọ̀la kò sí lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá ṣírò láìfi àyè sílẹ̀ ni mo máa ń rò pé ó ti gbójú lé ara rẹ̀ jù.

Àtakò kejì wúwo lójú mi ju èyí lọ. Wọ́n ní bí a bá tètè sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ yóò pẹ́, yóò gba owó rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn, nígbà tó jẹ́ pé ká ní a dákẹ́ ni, a ì bá ti parí rẹ̀ kó tó mọ̀. Lóòótọ́, oníbàárà mìíràn yóò lọ, mi ò sì lè ṣèlérí pé kò ní lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi àpẹẹrẹ wa wò ó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, bí ìyá ìyàwó bá yan pé òun kò dúró de méjìlá tó kù, ahunṣọ kò tíì na owó òwú tuntun, ọ̀nà sì ṣì wà láti fi méjìdínlógún ránṣẹ́ kó sì gba owó wọn. Bó bá dákẹ́ di ọjọ́ 8, tí ìyá náà fúnra rẹ̀ wá pè láti béèrè ẹrù, òwú ti wà lórí òfì, owó ti wọnú òwú, ìyá náà yóò sì fẹ́ gba owó gbogbo rẹ̀, torí kò mọ ohun tó tún wà tí wọn kò tíì sọ fún òun. Ìdákẹ́jẹ́ kò dín iye gèlè tí yóò ṣòfò kù, ńṣe ló sọ ọ́ di ọgbọ̀n láti orí méjìlá. Àwọn kan tún ní pípè lórí fóònù ti tó. Ẹ pè é, torí ohùn máa ń tu ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ lẹ́yìn ìpè náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè ti ìpè síwájú fún télọ̀ àti ẹgbẹ́.

Ó ku ẹni tí kò mọ ọjọ́ tuntun ní tòótọ́. Ẹni tó ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ láti Ṣakí mọ èyí dáadáa: bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, iṣu tó bọ̀ kò ní gbẹ, bó bá sì dì í ní tútù, yóò bu kó tó dé. Kò lè dá ọjọ́ tí oòrùn yóò ràn. Ahunṣọ wa náà lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ká ní Tọ́sìdeè ọjọ́ 4 dé, tí òwú kò dé, tí ẹni tó ń tà á sì ní òun kò mọ ìgbà. Kó má ṣe hùmọ̀ ọjọ́ mìíràn, nítorí pé ìsúnsíwájú ẹlẹ́ẹ̀kejì ló máa ń ba orúkọ jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun náà sì ni òfin Amẹ́ríkà kò fi ìdákẹ́jẹ́ gbà. Ọjọ́ kan ṣì wà tó lè dá, ìyẹn ọjọ́ tí yóò tún sọ̀rọ̀. Kó ka ọjọ́ ìgbéyàwó padà sẹ́yìn: bí òwú kò bá dé kó tó di Mọ́ńdè ọjọ́ 8, gbogbo ìṣirò yóò sún síwájú, ọjọ́ márùn-ún tó kù fún àṣìṣe akẹ́rù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Kó kọ̀wé lálẹ́ Tọ́sìdeè yẹn gan-an, ní èdè méjèèjì: “Òwú kò tíì dé. Ọjọ́ 18 kò dájú mọ́. A ó kọ̀wé sí yín ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 8 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán. Bí òwú kò bá tíì wà lọ́wọ́ wa nígbà náà, a ó fi gèlè 18 tó ti parí ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, a ó sì dá owó 12 padà, àfi bí ẹ bá ní ká dúró.” Lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, kó kọ̀wé bí ó ti wí, ìbáà ṣe pé òwú dé tàbí kò dé.